Olólùfẹ́ Orí Fóònù: Ta Ni Alárinà Yín?

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ọkùnrin kì í ṣàdédé yọ sí ọmọge kó ní kó máa ká lọ. Alárinà ni yóò kọ́kọ́ dé. Alárinà yìí mọ ilé ọkùnrin, ó mọ ìyá tó bí i, ó mọ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí àwọn méjèèjì fẹ́ ríra. Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, ilé alárinà ni ẹbí yóò kọ́kọ́ gbà lọ.

Lónìí, fóònù ló ti gba iṣẹ́ alárinà. Orí Fésíbúùkù àti Wọ́tsáàpù ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdé. Ẹlòmíràn ti tibẹ̀ rí ọkọ gidi, ẹlòmíràn ti tibẹ̀ rí aya. Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá sì dàrú, kò ní ẹnu tí yóò fi ké sí aládùúgbò.

Ẹ rántí ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Cynthia Osokogu. Ẹni ọdún 24 ni, ó ń kàwé ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Násáráwá ní Kẹ́fí, ó sì ń ta aṣọ. Orí Fésíbúùkù ló ti mọ àwọn ọkùnrin kan. Ní oṣù keje ọdún 2012, ó wá sí Èkó láti ra ọjà, ó sì lọ bá wọn. Inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan lágbègbè Fẹ́sítáàkì ni wọ́n ti fún un ní ohun mímu tí oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n jà á lólè, wọ́n sì pa á. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ẹbí tó mọ̀ pé òkú ọmọ àwọn ló wà ní mọ́ṣúárì, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Adájọ́ Ọlábísí Akínladé ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún méjì nínú àwọn ọkùnrin náà.

Ohun méjì ló yẹ kó hàn sí wa níbẹ̀. Àkọ́kọ́, òtẹ́ẹ̀lì wà láàárín ìlú, èrò sì ń wọlé ń jáde, àmọ́ yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣe gbangba. Ìkejì, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹbí ń wá ọmọ. Ibi tí ẹnì kan bá ti mọ òtẹ́ẹ̀lì, orúkọ ọkùnrin àti wákàtí tó yẹ kó padà, wọn kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó figbe ta.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ní Ìjàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti oṣù méjì. Ọkùnrin náà ní Ìkéré lòun ń gbé. Kó tó gbà láti rí i, ó ní kí àwọn pe ara àwọn lórí fídíò, kó lè mọ̀ bóyá ojú tó wà nínú fọ́tò ni ojú tó ń sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin bá ń sá fún fídíò ní gbogbo ìgbà, tí kámẹ́rà rẹ̀ ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n má tíì ríra.

Ọkùnrin náà wá ní, “Jẹ́ kí n fi mọ́tò wá gbé ọ, ká lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan.” Aránṣọ kò bínú, kò pè é ní olè. Ó kàn fèsì pé: “Bùọ̀dá, ẹ ṣeun. Mo ń bọ̀ ní Adó lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ ra síìpù àti òwú ní Ọjà Ọba. Ẹ jẹ́ ká jẹun ọ̀sán nítòsí ibẹ̀ ní aago méjìlá. Mo gbọ́dọ̀ tètè padà, iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi.”

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ilé oúnjẹ lẹ́bàá ọjà ni, ó sì ti sọ ìgbà tó máa kúrò ṣáájú. Kò yàn án sí Ìjàn, nítorí ẹnu ìlú kékeré kì í sinmi. Ìtìjú ẹnu ayé yìí gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọge wọ kọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ káwọn ará ilé rí i, ìlú mìíràn tí èrò pọ̀ sí ni kó lọ, kì í ṣe ibi tí kò séèyàn. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ gbọ́dọ̀ wà lápò rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e délé ti mọ ilé rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rẹ́. Ẹni tí kì í ṣòfófó, tó sì máa ń gbé fóònù, ni kó mú. Kó fún un ní orúkọ ọkùnrin náà, nọ́ńbà rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, orúkọ ilé oúnjẹ, àti wákàtí àbọ̀. Lórí Wọ́tsáàpù, kó ṣí ojú ewé ọ̀rẹ́ náà, kó tẹ àmì tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ iṣẹ́, kó tẹ `Location`, lẹ́yìn náà `Share live location`, kó sì yan `8 hours`. Ọ̀rẹ́ yóò máa rí ibi tó bá wà. Àmọ́ bí dátà bá tán tàbí tí fóònù bá kú, kò ní rí i mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi ìpè kún un.

Ní aago méjìlá ààbọ̀, ọ̀rẹ́ yóò pè, yóò ní, “Ṣé o bá mi ra bọ́tìnnì?” Bí ó bá ní “Mo ti rà á,” àlàáfíà ni. Bí ó bá ní “Dúdú nìkan ló kù,” kí ọ̀rẹ́ tún pè é padà, kó kígbe pé oníbàárà ti dé, kó máa bọ̀ kíá. Bí ìpè kò bá wọlé rárá, tí wákàtí àbọ̀ sì ti kọjá, kó pe ẹbí, kó sì pe 112.

Ṣé ìyẹn ò ní ba adùn ìpàdé jẹ́? Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín sọ ọ́, kò lè bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ṣe jókòó, kí aránṣọ ní, “Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kí yín o. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ máa ń jẹ iyán.” Ọkùnrin gidi yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kó bá òun kí i padà. Eléte ni inú yóò bí, tí yóò máa bèèrè ìdí tó fi sọ fún èèyàn.

Kí ó mú mínírà tí wọ́n ṣí lójú rẹ̀. Bí ó bá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, kó má padà mu èyí tó fi sílẹ̀, kó ra òmíràn. Bí ọkùnrin bá ní “Ibí ń pariwo, ká lọ síbòmíràn,” ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èsì kan ló yẹ: “Ó di ọjọ́ mìíràn.”

Ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ má rò pé obìnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Wọ́n ń fi fọ́tò arẹwà tan ọkùnrin wọ ilé tí àwọn géńdé ti ń dúró dè é.

Ìpàdé kan tó lọ dáadáa kò tíì sọ ẹni di ará ilé. Ẹ jẹ́ kí ìkejì àti ìkẹta wà ní gbangba pẹ̀lú, kí ọ̀rẹ́ sì mọ̀ sí i, títí ẹ ó fi mọ ilé rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀. Gbangba làṣá ń ta. Ìfẹ́ tí kò bá lè jókòó lẹ́bàá ọjà lọ́sàn-án, ẹ bi í léèrè ohun tó ń sá fún.