Orúkọ Onígbọ̀wọ́ Lẹ́nu Olóòtú

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí ayélujára kò rí bí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn. Nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó bá ti jókòó kì í tètè dìde. Ojú á máa tì í láti ré iwájú àwọn ẹlòmíràn kọjá, ó sì ṣeé ṣe kó ti gbọ́ pé wọn yóò pín ìpápánu. Lórí ayélujára, àtàǹpàkò lásán ni olùgbọ́ fi ń jáde. Bí ó bá sì dúró, owó dátà rẹ̀ ń jó bí àbẹ́là bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Olóòtú tó bá fi ìṣẹ́jú 5 ka oríkì ilé iṣẹ́ mẹ́ta, owó olùgbọ́ ló fi ń kì wọ́n.

Èmi ni wọ́n fi ṣe olóòtú nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń ta ẹ̀wà gbé wẹ́bínà mẹ́fà kalẹ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, lórí bí a ṣe lè tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má bà á jẹ́. Àwọn olùgbọ́ wa kò sí lójú kan. Àwọn kan ń tajà ní Ìbàdàn àti Òṣogbo. Àwọn mìíràn jẹ́ àgbẹ̀ àti alájàpá ní agbègbè Kánò, níbi tí ọjà Dáwánáù wà, ọjà ńlá tí ọ̀pọ̀ ẹ̀wà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa ní Gúúsù. Nítorí náà, èdè méjì ni a fi ṣe é: olùkọ́ ń sọ Yorùbá, àwọn ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ràn wá lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan fún 200 nínú àwọn obìnrin ọjà ní dátà. Báńkì kéékèèké kan san owó àwọn ògbufọ̀. Ilé iṣẹ́ kẹta, tó ń ta àpò ìkó-ẹ̀wà-sí, san owó olùkọ́ àti owó àyè tí a lò lórí Súùmù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ìwé ránṣẹ́ pé báyìí ni kí n ṣe sọ̀rọ̀ àwọn. Mo ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè nínú yàrá mi, mo sì wo aago. Ó lé ní ìṣẹ́jú 4. Ti báńkì nìkan sọ pé òun ni aṣáájú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, pé iṣẹ́ òun yára bí àṣá, àti pé kí olúkúlùkù wá ṣí àpò ìṣúná lọ́dọ̀ òun kí oṣù tó parí.

N kò bá wọn bínú. A bí wa sí àárín oríkì. Bí onílù bá rí ẹni tó náwó fún un lóde ìnáwó, yóò kì í dé orí baba ńlá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ní kó mú ẹ̀rí wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé owó ló pe ọ̀rọ̀ náà jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá kọ́ bí ẹ̀wà rẹ̀ kò ṣe ní díbàjẹ́ kò wá sóde ìnáwó. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu wa ní alẹ́ yẹn ni yóò lò lórí oúnjẹ tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa jẹ.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí kì í wá èrè ti bá ọ̀rọ̀ yìí wọ̀yá ìjà tipẹ́. Òfin kò gbà wọ́n láyè láti polówó ọjà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó fún wọn lówó. Ní ọdún 1984, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀ mú ààlà náà gbòòrò díẹ̀. Wọ́n lè sọ orúkọ onígbọ̀wọ́, ibi tó wà, àti irú ọjà tó ń tà, láìbu iyọ̀ sí i. Wọn kò gbọ́dọ̀ sọ iye tó ń tà á, wọn kò gbọ́dọ̀ sọ pé tirẹ̀ dára ju ti ẹlòmíràn lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ rọ olùgbọ́ pé kó lọ rà á. Òfin yẹn kò de ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n mo yá a lò bí ẹni yá ajọ̀. Mo da ìwé báńkì sínú rẹ̀. “Aṣáájú” jábọ́, “yára bí àṣá” tẹ̀ lé e, “ẹ wá ṣí àpò ìṣúná” náà bá wọn lọ. Ohun tó kù sínú ajọ̀ ni orúkọ báńkì àti pé ó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó.

Èyí kò tíì tó. Orúkọ gbígbẹ mẹ́ta tí a tò léra wọn ṣì jẹ́ ìpolówó, ó kàn jẹ́ ìpolówó tí kò dùn ni. Ohun tí a kò tíì sọ ni ohun tí ẹni náà ṣe fún olùgbọ́ yìí gan-an, ní alẹ́ yìí. Nítorí náà, mo tú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, mo sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tí olùgbọ́ ti ń lo ohun tó fún wa. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ṣe gbọ́ Hausa, mo ní: “Ẹ tẹ àmì òbírí ayé tó wà nísàlẹ̀, bí ẹ kò bá rí i lórí fóònù, ẹ tẹ ẹ̀kán mẹ́ta, ẹ ó rí i nínú rẹ̀. Ẹni méjì ni yóò máa túmọ̀, wọn yóò máa gba ara wọn sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ náà ń mú ọpọlọ rẹ̀ ènìyàn. Báńkì tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó ní ìsàlẹ̀ ọjà ló san owó wọn.” Mo dárúkọ báńkì náà, mo sì kọjá. Ẹni tó bá ń gbọ́ Hausa ní etí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e mọ ohun tí báńkì náà ṣe. Bákan náà ni mo fi orúkọ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù sí ibi tí mo ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa àwòrán tiwọn kí dátà má baà tètè tán.

Àmì ìdánimọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ náà wà lójú ewé kan tí a gbé sójú fóònù nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń wọlé. Ibẹ̀ náà la ti mú un kúrò. Ó wúlò fún àwọn onígbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi fóònù sápò tó ń gbọ́ ohùn nìkan kò rí i, nítorí náà kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹnu.

Nípa ti ètò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fúnra wọn, n kò ka àkọlé wọn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Mo mú àpò ẹ̀wà kan, mo sì tẹ̀ lé e: wọ́n kórè rẹ̀ ní Àríwá bí òjò ti lọ tán, wọ́n sá a, wọ́n kó o pamọ́, ó wọ ọkọ̀, ó dé ìsọ̀, ó bọ́ sínú ìkòkò. Ibi mẹ́fà nìyẹn, Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà sì nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kẹta, gbólóhùn kan péré ló tó fún àlejò tuntun: “Ẹ̀wà wa ti gbẹ, a fẹ́ kó o pamọ́ lálẹ́ òní.”

Ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn gan-an ni wàhálà wà. Àpò onípele mẹ́ta ni olùkọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Pọ́díù ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá méjì ló wà nínú àpò híhun kan. A ó di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀wà yóò mí atẹ́gùn inú rẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, yóò sì kú láìsí oògùn. Bí ọ̀rá bá lu, tàbí bí ẹ̀wà kò bá gbẹ dáadáa kí a tó dì í, asán ni. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ló san owó olùkọ́. Bí a kò bá sọ ọ́, ìpolówó ni gbogbo wákàtí náà, bó ti wù kí n fi ajọ̀ jọ ọ̀rọ̀ tó. Mo kọ ọ́ báyìí: “Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irú àpò tí ẹ ó gbọ́ nípa rẹ̀ ló san owó olùkọ́ wa. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Yóò sọ ibi tí àpò náà kù sí, yóò sì sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀ẹ̀gì tó ní ìdérí líle, tí ẹ ti ní nílé.” Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù, ó ní kí n má yọ nǹkan kan.

Yorùbá ní kí a máa pe irú àwọn wọ̀nyí ní onígbọ̀wọ́, orúkọ kan náà tí à ń pe ẹni tó dúró fún ẹni tó yáwó. Mo máa ń rò ó pé nínú wẹ́bínà, ọ̀rọ̀ náà yí padà láìjẹ́ pé a mọ̀: àwọn ló mú owó wá, ṣùgbọ́n níwájú olùgbọ́, ẹnu olóòtú ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn.

Ẹnì kẹrin wà tí n kò tíì mẹ́nu bà. Oníṣòwò apakòkòrò kan fẹ́ fún wa ní owó tó ju ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ní ọdún 2019, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà fi òfin de ìgò kéékèèké apakòkòrò daikilọ́fọ́ọ̀sì, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn kan ń dà á sínú ẹ̀wà. Ọkùnrin yìí kò ta ìgò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ti oko ló ń tà. Ìgbìmọ̀ ní kí n gbìyànjú gbólóhùn kan fún un. Mo kọ ọ́, mo kà á fún wọn: “Ẹni tó san owó yìí ń ta irú oògùn tí olùkọ́ wa máa sọ pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ẹ̀wà tí a óò jẹ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Bàbá akápò wa ní, “Ẹ jẹ́ kí á gba owó náà, kí á má kàn dárúkọ rẹ̀.” Ìyáálọ́jà ló dá a lóhùn: “Bàbá, ẹni tí a kò lè dárúkọ níwájú oníbàárà mi, kí ló fẹ́ fi owó ṣe lọ́dọ̀ wa?” A dá owó náà padà pẹ̀lú ìwé ọ̀wọ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fi kún ìwé mi kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé. Àwọn obìnrin ọjà kì í wo gbogbo wákàtí; ẹnì kan á gé ibi tó wúlò nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn lórí Wásáàpù. Ibi àpò ni wọn yóò gé, ìbẹ̀rẹ̀ ètò kò sì ní bá a lọ. Nítorí náà mo bẹ olùkọ́ pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún gbólóhùn náà sọ, ní kúkúrú, kó tó gbé àpò sókè. Ó sọ ọ́ báyìí: “Àwọn tó ń ta nǹkan yìí ló san owó mi. Ẹ wá wo ibi tó ti máa ń ya.”