Níbo ni Pélé Ìyá Àgbà Wọlẹ̀ Sí?

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fún mi. Tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́ ìjiyàn ní ilé-ìwé girama kan tí kò jìnnà sí ọgbà wa ló ní kí n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò tí wọ́n ń fi fílítà yà. Ó ní àwọn kan nínú wọn kì í jẹ́ kí wọ́n fi fóònù tí kò ní fílítà ya àwọn mọ́, pé ojú àwọn kì í dán nínú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ mí sí akéwì. Bóyá ewì ni tíṣà náà ń retí. Ṣọ́ọ̀kì ni mo tọrọ.

Ìdí ni pé bí ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé "o rẹwà bí Ọlọ́run ṣe dá ọ", á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ tó. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ tí fílítà ń ṣe, kí wọ́n rí ohun tó ń gbé lọ.

Mo ní kí wọ́n mú fọ́tò bí ẹní tí wọ́n hun. Ẹyọ kéékèèké tí ojú kò lè dá yà ló kún inú rẹ̀, nọ́ńbà sì ni fóònù fi ń tọ́jú ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 0 ni dúdú pátápátá, 255 ni funfun pátápátá. (Bí àwọ̀ bá wọ̀ ọ́, nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹyọ kan ń ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó wa lọ́jọ́ náà.) Mo wá kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kan sára bọ́ọ̀dù:

120, 120, 90, 120, 120

"Kí ni 90 yẹn?" Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Irorẹ́ ni, Ańtí!" Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Ibi tó ṣú díẹ̀ láàárín ibi tó mọ́lẹ̀ ni.

Fílítà tó ń mú ara dán kò ní ìpara kankan lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé á mú ẹyọ kan, á ro ó pọ̀ mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á pín in, á sì fi èsì rẹ̀ rọ́pò. Mo pe ọmọ mẹ́ta jáde, ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹyọ kan ní àárín. Ẹni àkọ́kọ́ ro 120, 120 àti 90 pọ̀, ó di 330. Ó pín in sí mẹ́ta, ó di 110. Ẹni kejì ṣe tiẹ̀, 110. Ẹni kẹta, 110. Wọ́n ń wo ara wọn. Irorẹ́ ti lọ! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ́jú bí abọ́ tánganran. Ó ṣú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fílítà tún fi máa ń bu nọ́ńbà díẹ̀ lé gbogbo ojú. Mo ní kí wọ́n fi 20 kún un, ó di 130. Ọmọ náà ti pupa ju bó ṣe jẹ́ nílé lọ.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú wá béèrè ìbéèrè tí inú mi dùn sí jù lọ. Ó ní, "Ańtí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ó ń po gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni, kí ló dé tí ojú àti ẹnu ò pò mọ́ ọn?"

Nítorí pé ó ní òdiwọ̀n. Ká ní òdiwọ̀n náà jẹ́ 50. Bí ẹyọ kan bá fi ohun tó ju 50 lọ yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀, kò ní pò wọ́n, á gbà pé etí nǹkan pàtàkì nìyẹn. Ìpéǹpéjú lè jẹ́ 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ tó jẹ́ 120. 90 ló wà láàárín wọn, ó bọ́. Irorẹ́ fi 30 péré yàtọ̀, ó kú. Ẹ rí i pé fílítà kò mọ irorẹ́. Kò mọ àbùkù, kò mọ ẹwà. Ó kàn mọ ohun tó kéré sí 50 ni.

Ibí yìí ni mo ti sọ ti Ìyá Àgbà fún wọn. Pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, tóóró ni, kò jìn. Nígbà tó kú, fọ́tò tí ọmọ àbúrò màmá mi fi fóònù yà nígbà Kérésìmesì ni wọ́n gbé sára pátákó ìsìnkú. Ó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin, dúró níwájú pátákó náà, ó ní, "Ta nìyí?" Pélé kò sí níbẹ̀. Ilà tó ti wò, tó ti ń bá awọ dọ́gba, fi bíi 20 yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lójú fílítà, irorẹ́ ni. Ilé ẹni, ìlú ẹni, tí wọ́n fi abẹ kọ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ní kékeré, fóònù rò ó pọ̀, ó pín in sí mẹ́ta. A sáré lọ bá ẹni tó yà á pé kó fún wa ní ojúlówó. Kò sí. Fílítà ti wà lórí kámẹ́rà nígbà tó ń yà á, èyí tó ti dán nìkan ni fóònù náà tọ́jú. Fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ la padà lò.

Kíláàsì dákẹ́. Ọmọkùnrin irorẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ṣé ẹ ò lè dá a padà ni?" Mo ju ṣọ́ọ̀kì sí i. Mo ní, "Ó yá, 110, 110, 110 rèé. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún mi."

Ó kọ 120, 120, 90, 120, 120, ó ń fọ́nnu. Ọmọbìnrin iwájú yẹn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé 110 lọ́nà márùn-ún náà á fún wa ní èsì kan náà, kò sì ní irorẹ́ rárá. Ẹlòmíràn dìde, ó kọ 90, 120, 120, 90, 120. A ṣírò ó: 330, 330, 330. Irorẹ́ méjì ni èyí! Èsì kan, ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ èwo ni ti ọmọ ọ̀hún.

Wọ́n bi mí bí èèyàn ṣe lè dá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ̀. Mo ní kí wọ́n wo ọrùn àti etí, nítorí ojú nìkan ni ọ̀pọ̀ fílítà máa ń mú. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá dán bí ike, tí ọrùn sì ní ihò àti ìlà, ẹ ti mọ̀. Bí ó bá tún fún àgbọ̀n pọ̀, kí wọ́n wo férémù ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ẹni náà bóyá ó tẹ̀ kọrọdọ. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni inú fídíò bá fi ọwọ́ kọjá níwájú ojú, fílítà á já. Èyí kò dájú mọ́: ní ọdún 2023, èyí tí wọ́n pè ní Bold Glamour jáde lórí TikTok, ọwọ́ ń kọjá lójú, kò já.

Àwọn kan tún rò pé tí fílítà kò bá ti sí, ojú gan-an nìyẹn. Rárá o. Bí fóònù bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí imú, etí lè wà ní 42, nítorí náà imú sún mọ́ kámẹ́rà ju etí lọ dáadáa, á sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹlòmíràn bá dúró ní mítà kan àbọ̀ yà á, 150 àti 162 ni, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Imú tí ọmọ kan ń sunkún lé lórí nínú sẹ̀lífì, gígùn apá rẹ̀ ló fà á.

Aago lù kí n tó parí. Bí mo ṣe ń nu bọ́ọ̀dù, ọmọbìnrin iwájú náà wá bá mi, ó rọra yọ fóònù tí kò yẹ kó mú wá sílé-ìwé. Ó ní, "Ańtí, bàbá bàbá mi ní gọ̀mbọ́. Níbo ni wọ́n ti ń pa á?" A ṣí kámẹ́rà, a wá ibi tí wọ́n kọ Beauty sí. Orí 6 ló wà. Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án rí, pé bó ṣe wà nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti rà á. A fà á wá sí 0.