Orúkọ Tí Fóònù Mi Kò Rí

Tíṣà wa ní ká fi iṣẹ́ físíìsì ránṣẹ́ kí aago 9 alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó lù. Fọ́tò iṣẹ́ mi wà lórí fóònù, dátà ti tán. Bọ̀ọ̀dá mi ki módẹ́ẹ̀mù bọ láptọ̀ọ̀pù wọn, wọ́n tan Mobile hotspot. Fóònù tiwọn wọlé lójú ẹsẹ̀. Tèmi, èyí tí màmá mi ti lò gbó, kò tiẹ̀ rí orúkọ láptọ̀ọ̀pù náà rárá.

Mo pa á, mo tún un tàn. Pàbó! Àmọ́ ó ń rí Wáífáì àwọn aládùúgbò wa n'Ìkòtún, torí náà kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́.

Bọ̀ọ̀dá mi wá padà sí Settings, Network & internet, Mobile hotspot, wọ́n tẹ Edit. Níbi Network band, 5 GHz ni wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀ torí pé ó yára. Fóònù àtijọ́ bíi tèmi, 2.4 GHz nìkan ló ń gbọ́. Wọ́n yí i sí 2.4 GHz, wọ́n tẹ Save. Orúkọ yọ!

Ó ku ìṣẹ́jú 3 kí aago 9 lù nígbà tí fọ́tò tó kẹ́yìn lọ. Bọ̀ọ̀dá mi ń kùn pé fídíò tiwọn ti wá ń fà.