Ẹ̀pà Inú Ìgò

Sóbò ni mo kọ́kọ́ ń tà. Yàrá kan là ń gbé ní Ìbàdàn nígbà náà, ilé ìdáná mi kò sì gba ju ènìyàn méjì lọ. Mo se sóbò lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rọ ọ́ sínú ogún ìgò, ni iná bá lọ. Kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo ṣí ìgò àkọ́kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó hó tú sí mi lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù. Ìyá tó wà ní yàrá kejì wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tó gbẹ ni kí o máa tà. Ibi tí omi bá wà ni nǹkan ti ń bàjẹ́."

Bí mo ṣe bọ́ sídìí ẹ̀pà inú ìgò nìyẹn.

Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ kì í ṣe yíyan, ṣíṣà ni. Mo máa ń tú ẹ̀pà sórí àtẹ funfun lójú oòrùn, kí n tó fi omi kàn án. Èyí tó hun jọ, èyí tó dúdú, èyí tó ti bu, gbogbo wọn ni mo ń yọ. Ẹ̀pà tó ti bu lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní afilatọ́síìnì, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná tí a fi ń yan ẹ̀pà kì í sì í pa á tán. Nítorí náà, n kì í fi ẹ̀pà burúkú pamọ́ de iná.

Lẹ́yìn náà ni mo ń da omi iyọ̀ gbígbóná lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, màá sẹ́ ẹ, màá sá a kó gbẹ. Inú gààrí ni mo ti ń yan án, lórí iná tí kò pọ̀, ọwọ́ mi kì í sì í kúrò níbẹ̀. Bí mo bá fi ìka méjì ra ẹyọ kan, tí èèpo bọ́, tí inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n díẹ̀, mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ nìyẹn, torí ooru ara rẹ̀ yóò ṣì máa yan án lọ.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni dídé ìgò. Mo rọ ẹ̀pà gbígbóná sínú rẹ̀, mo dé e pa. Kò pẹ́ tí inú ìgò fi ń làágùn, ẹ̀pà sì rọ̀. Ní báyìí, ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, ìgò tí mo fọ̀ sì gbọ́dọ̀ gbẹ dé ìsàlẹ̀.

Mo ń kọ ọjọ́ tí mo yan án sára ìgò, mo sì ń fi ìgò kan sílẹ̀ nílé láti tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ló rùn bí òróró tó ti pẹ́. Ìgò mẹ́rin ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Mo lọ gbà wọ́n, mo dá owó wọn padà.