"Tàbí" Ni Ilẹ̀kùn

Ẹ ti gbọ́ nínú ìròyìn ẹbí pé àbúrò mi obìnrin ti ríṣẹ́ sí Àbújá. Àwọn kan ń bi mí pé, "Ṣé òun náà lọ sí yunifásítì ni?" Rárá o. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì ti politẹ́kíníìkì ló ní. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ alábòójútó sítọ́ọ̀ ni. Ìkéde náà béèrè oyè yunifásítì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń ká ìwé kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀: "tàbí ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì pẹ̀lú ìrírí ọdún 6 nídìí àbójútó ẹrù." "Tàbí" yẹn ni ilẹ̀kùn.

Èyí kì í ṣe ojú àánú. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 pàápàá, ní abala 318, gbà kí ẹni tó ń du ipò Ààrẹ fi ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọdún 10, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àpapọ̀ rẹ̀ tó ọdún 1, àti mímọ Gẹ̀ẹ́sì kà àti kọ rọ́pò ìwé ẹ̀rí girama, bí àjọ elétò ìdìbò bá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òfin so mọ́ ìwé àṣẹ, bíi ti dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹjọ́rò, ìrírí kò lè rọ́pò ìwé níbẹ̀.

Ṣáájú èyí, iléeṣẹ́ kan ti kọ̀ ọ́ láìpè é. Ohun tó kọ sínú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ kò ju "Sítọ́ọ̀ kípà, 2014 sí 2023" lọ. Ẹni tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé níwájú kò ní bá ọ ka ọdún rẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a jọ jókòó kà á. Oṣù Kẹta 2014 títí di ìparí oṣù Kejì 2023 jẹ́ ọdún 9. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2 àkọ́kọ́, ẹrù ló ń gbà wọlé lẹ́nu ọ̀nà, kò ṣe àbójútó kankan. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n a yọ ọ́. Ó ku 7, ó sì ju 6 lọ.

A kọ ọ́ sókè pátápátá: "Ọdún 7 nídìí àbójútó ẹrù, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì." Lábẹ́ rẹ̀, a kọ ohun tó ṣe gan-an: oríṣi ẹrù 400 ló wà lábẹ́ rẹ̀, oṣooṣù ló ń fi iye tó wà nílẹ̀ wé iye tó wà nínú ìwé, ó sì kọ́ akọ̀wé 3 níṣẹ́. Níbi ẹ̀kọ́, ìwé tó ní gan-an la kọ. A kò fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, a kò sì purọ́ oyè. Lẹ́yìn náà ló gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, tó sọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀, oṣù tó kúrò, àti iṣẹ́ tó ṣe.

Nígbà tí wọ́n pè é, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ló dé tí lẹ́tà sọ ọdún 9, tí òun sì kọ 7. Ó ṣàlàyé ọdún 2 tó yọ. Ó ní láti ìgbà náà ni ojú wọn ti rọ̀.