Ojú Ìwé Kan Ni Ọ̀gá Yóò Kà

Ọ̀gá àgbà tí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù ní Èkó kì í ka ìwé ìṣirò owó tó bá ti ju ojú kan lọ. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n kà o. Ìpàdé ni kì í jẹ́ kó jókòó: àwọn báńkì láàárọ̀, àwọn oníbàárà ńlá lọ́sàn-án, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Bí oṣù mẹ́ta bá sì ti pé, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á kó ìwé tirẹ̀ wá, èmi ni wọ́n á sì gbé gbogbo rẹ̀ fún pé kí n sọ ọ́ di ojú ìwé kan. Tàípúráítà la fi ń ṣe é nígbà náà, pẹ̀lú bébà kábọ́ọ̀nù láàárín kí ẹ̀dà lè wà. Bí o bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, odindi ojú ìwé lo máa tún tẹ̀. Ìyà yẹn náà kọ́ mi láti má ṣe kọ ohun tí kò wúlò.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá yìí fún mi. Ó ní, "Ará Òkè-Ògùn, iye tí a jèrè wà nínú ìwé, mo lè rí i fúnra mi. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni kí o sọ fún mi." Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Lórí ìwé owó, èmi ò gba òwe yẹn wọlé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ lè mú kí wọ́n lé ẹni tó ń tajà dáadáa kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì yin ẹni tí oríire lásán bá.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí pé àwọn akẹgbẹ́ mi máa ń gbé gba ibi tí kò yẹ ni àfiwé. Wọ́n á mú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún, wọ́n á fi wé oṣù mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n á ní ọjà ti kú. Èmi tí wọ́n bí sí Ìlua ní Òkè-Ògùn kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Bàbá mi gbin tábà bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ agbègbè wa, owó rẹ̀ sì máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí àwọn tó ń ra ewé fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ìbàdàn bá dé. Ẹni tó bá fi oṣù tí wọ́n ra tábà wé oṣù tó tẹ̀lé e á ní bàbá mi ti di alágbe. Ọdún tó kọjá la fi ń wọn ọdún yìí, ìgbà kan náà sí ìgbà kan náà. Àwọn tó ń ta ọtí àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò máa ń tajà rẹpẹtẹ nígbà Kérésìmesì. Oṣù kìíní sí ìkẹta wọn ò lè ba ìyẹn dọ́gba láé, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wá lọ́dún 1986, ó sì dùn mí wọra. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ìjọba Babangida ṣí ọjà tuntun tí wọ́n ti ń fi owó du dọ́là, èyí tí gbogbo wa ń pè ní SFEM. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí náírà kan ààbọ̀ ni dọ́là kan. Ní ìdíje àkọ́kọ́, ó di náírà 4.6174. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdámẹ́rin ọdún wa parí. Ẹ wò ó báyìí: ká ní gbèsè 100,000 dọ́là lo jẹ àwọn tó ń ta ohun èlò fún ọ lókè òkun, nǹkan bí 150,000 náírà ni lórí ìwé rẹ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní báyìí ó ti kọjá 460,000. O ò ra ìṣó kan kún un, o ò yá kọ́bọ̀, síbẹ̀ gbèsè ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Àwọn tó ń kọ ìròyìn ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀ka títà ní àwọn tajà ju tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ sì ni. Ẹ̀ka ìṣirò ní a pàdánù, òótọ́ náà ni. Iṣẹ́ mi ni láti pín in sọ́tọ̀ lójú ìwé kan ṣoṣo: èyí ni ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ wa mú wá, èyí sì ni ohun tí ìyípadà náírà gbé lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò tún kọ iye èrè tàbí àdánù kalẹ̀ lódindi láìpín in.

Mo rò pé irú rẹ̀ ti kọjá lọ pátá, títí mo fi fẹ̀yìn tì tí mo padà sílé. Mo ra ìpín díẹ̀ nínú MTN Nàìjíríà nígbà tí wọ́n tà á fún gbogbo ènìyàn ní 169 náírà lóṣù kejìlá 2021. Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì l'Ékòó, níbi tó ti ń ṣàkópọ̀ ìròyìn àwọn ilé-iṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn MTN fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024 jáde, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo ti kọ ọ́ báyìí pé owó tó wọlé pọ̀ sí i, dọ́là ló fa àdánù." Mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kọ ohun tí ọ̀gá lè fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó pa pọ̀. Owó tó wọlé fún wọn tó nǹkan bí bílíọ̀nù 753 náírà. Ní ìgbà kan náà ní 2023, bílíọ̀nù 568 ni. Ìdàgbàsókè yẹn sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, kékeré kọ́. Síbẹ̀ àdánù tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé, lẹ́yìn owó orí, tó nǹkan bí bílíọ̀nù 393. Kí ló fà á? Náírà tó wà ní nǹkan bí 907 sí dọ́là kan ní ìparí 2023 ti kọjá 1,300 ní ìparí oṣù kẹta 2024. Àwọn gbèsè àti àdéhùn tí wọ́n fi dọ́là kọ wú, àdánù tí pàṣípààrọ̀ nìkan fà sì jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 656.

Mo ní kó gbé kálámù. Àdánù wọn kí owó orí tó dé jẹ́ nǹkan bí 576. Bí a bá yọ 656 ti pàṣípààrọ̀ sápá kan, kò ní sí àdánù mọ́. Èrè nǹkan bí bílíọ̀nù 80 ló kù. Inú ọmọ náà dùn, ó ní, "Ó dáa, iṣẹ́ wọn ò ní àbùkù nìyẹn." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti máa ń ṣubú. Mo ní kó padà sókè ìwé, kó wo iye tó ń kù nínú ọgọ́rùn-ún náírà lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́, kí wọ́n tó yọ èlé, owó orí àti owó ohun èlò tó ń gbó. Ó ti bọ́ láti nǹkan bí 53 sí nǹkan bí 39. Ìyẹn kì í ṣe ti gbèsè. Àwọn òpó tí wọ́n ń yá ni wọ́n ń so owó wọn mọ́ dọ́là, nítorí náà bí náírà bá ṣubú, iye owó iṣẹ́ òòjọ́ náà á ga sókè. Dọ́là gba ọ̀nà méjì wọlé, ojú ìwé tó bá sì dárúkọ ọ̀kan ṣoṣo á ṣi ọ̀gá lọ́nà: á rò pé bí náírà bá ti dúró sójú kan, gbogbo nǹkan á padà bọ̀ sípò.

A wá kọ ojú ìwé náà tuntun. Àdánù 393 ló wà lókè pátápátá, bí ilé-iṣẹ́ ṣe kéde rẹ̀. Èyí ò gbọ́dọ̀ yí padà. Àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti kéde èrè tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun burúkú kúrò nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde gidi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ojú ọ̀gá. Ohun tó tẹ̀ lé e ni owó tó wọlé pẹ̀lú ti ọdún tó kọjá, lẹ́yìn náà 656 àti ohun tó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn náà 53 tó di 39. A fi gbólóhùn kan sí i pé owó àwọn onípìn-ín ti lọ sísàlẹ̀ òdo: ní ìparí 2023 ó ti fi nǹkan bí bílíọ̀nù 41 wọlẹ̀, ní oṣù kẹta ó ti kọjá 430. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún èmi tí mo ní ìpín: kò sí owó ìpín lọ́dún náà.

Ìlà tó gbẹ̀yìn ló gbà wá lákòókò jù. Báńkì ni ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ fún, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni bóyá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè san gbèsè. Ìwé èrè kò dáhùn ìbéèrè yẹn. Mo ní kó lọ sí ìwé tó ń sọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde ní tòótọ́, kó sì ka àwọn àlàyé kéékèèké tó wà lẹ́yìn ìwé, kó wo èyí tí wọ́n ti san nínú 656 náà àti èyí tó jẹ́ ìṣirò lórí bébà lásán. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹ̀yìn ni, mo sì máa ń fi ọ̀rọ̀ alága ṣe ìkẹyìn. Kó tó fi ránṣẹ́, mo ní kó tún ṣírò ìdàgbàsókè náà fúnra rẹ̀ láti inú nọ́ńbà méjèèjì. Àwọn ìwé kan ń kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn mìíràn ń kọ mílíọ̀nù, òdo mẹ́ta sì lè sọ nù láìsí ẹni tó rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì tí dọ́là gbà wọlé ni wọ́n ní láti dí. Ní oṣù kẹjọ 2024 MTN tún àdéhùn òpó ṣe pẹ̀lú IHS, ilé-iṣẹ́ tó ń yá wọn ní òpó. Ní oṣù kìíní 2025 NCC gbà pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi ohun tí kò ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún owó ìpè. Náírà náà kò ṣubú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìròyìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2025 jáde, MTN jèrè nǹkan bí bílíọ̀nù 134 náírà lẹ́yìn owó orí.