Bátìrì Tó Kú Lójú Òtútù, Tó Jí Nínú Ilé

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024, nígbà tí òtútù mú ìlú Ṣikágò débi pé ó lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣọ́ọ̀sì, ọmọ Ìbàdàn kan dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ó yọ fóònù rẹ̀ láti wo ìgbà tí bọ́ọ̀sì yóò dé. Iná tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tíì ka ohun tó wà lójú fóònù náà tán tó fi ṣókùnkùn. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò jẹ́.

Nígbà tó délé, ó ti pinnu láti ra bátìrì tuntun. Ó na ọwọ́ sí wáyà ṣáájà, ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì dá a dúró. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì fi ṣáájì o. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná.” Wọ́n gbé e sórí tábìlì. Lẹ́yìn bí ààbọ̀ wákàtí, ó tàn, ìdá 36 ló sì fi hàn. Kò sẹ́ni tó fi iná sí i. Ẹ̀gbọ́n bi í pé, “Níbo ni iná yìí ti lọ?” Ó ní, “Kò kúrò nínú ilé, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ló dí.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Bátìrì fóònù ní ìhà méjì, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ sì wà láàárín wọn. Nígbà tí bátìrì bá kún, àwọn èérún lítíọ́ọ̀mù a fara pamọ́ sínú gíráfáìtì, irú nǹkan dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù, ní ìhà kan. Bí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, wọn a jáde, wọn a wẹ omi kẹ́míkà kọjá, wọn a sì wọ ìhà kejì. Ìrìn wọn yìí ló ń mú kí iná máa ṣàn nínú fóònù. Òtútù a mú kí omi náà ki, bí epo pupa ti í ki nígbà ọyẹ́. Ó sì tún mú kí ó ṣòro fún àwọn èérún náà láti jáde nínú gíráfáìtì. Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè yára.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi èyí hàn. Bátìrì tó ku ìdá 40 lè ní agbára fólítì 3.75 nígbà tó bá sinmi. Ká ní fóònù náà máa ń pa ara rẹ̀ bí agbára náà bá wá sílẹ̀ ju 3.3 lọ. Nínú ilé tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìdènà inú bátìrì lè gba 0.1 nínú fólítì náà bí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, kí 3.65 sì ṣẹ́ kù. Bí òtútù bá sọ ìdènà náà di ìlọ́po márùn-ún, yóò gba 0.5, 3.25 ni yóò sì kù. Fóònù rò pé iná ti tán, ó sì pa ara rẹ̀. Nígbà tí ara bátìrì bá móoru, ìdènà a dín kù, iná tó há a sì tún jáde.

Bí bátìrì bá ti gbó, ìdènà inú rẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà òtútù a tètè ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń kú ní ìdá 40 nínú yàrá tó móoru ló yẹ kó wá bátìrì tuntun. Ẹni tí tirẹ̀ ń kú níta nìkan, tó sì ń jí nínú ilé, kí ó fi owó rẹ̀ sápò.

Ibi tí ewu wà ni ṣáájì. Bí a bá ń fi iná sí bátìrì tó tutù ju òdo lọ, àwọn èérún lítíọ́ọ̀mù kì í ráyè wọ inú gíráfáìtì kíákíá. Wọn a kó jọ sójú rẹ̀, wọn a di irin. Ọ̀pọ̀ nínú èyí kì í padà sípò mọ́, bó bá sì hù bí abẹ́rẹ́, ó lè gún awọ àárín náà. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ oníná fi ń kọ́kọ́ mú bátìrì rẹ̀ gbóná kó tó gba iná dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ òtútù ọjọ́sí ní Ṣikágò, àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tò gùn ní ibùdó ṣáájì, ọ̀pọ̀ sì kú síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, àpò inú ẹ̀wù, níbi tí ara ti ń móoru, ni ọmọ Ìbàdàn yẹn ń fi fóònù sí. Bátìrì àtijọ́ náà ló ṣì ń lò.